Owó ẹrù tí kò sí

«Tàǹtí, opó ni mí, mo ń ta aṣọ ní Kétu. Mo pàdé ọkùnrin kan lórí áàpù ìwá-olólùfẹ́, ó ní òun ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wa epo lójú òkun ní Nọ́wè. Ní ọjọ́ kẹsàn-án ó ní òun yóò fẹ́ mi. Ó ní òun fi ẹrù ránṣẹ́ sí mi, obìnrin kan sì pè mí láti dúwáànù pé kí n san 85 000 fàráǹkì. Mo san án. Wọ́n tún ń bèèrè 350 000 fún ìwé-ẹ̀rí, wọ́n ní owó wà nínú ẹrù náà. Ọkàn mi kò gbà pé ó lè purọ́ fún mi. Ṣé kí n san án?»

Ìyá aláṣọ, ẹ kú ìdààmú ọkàn. Ẹ má ṣe san án, kódà bí wọ́n bá sọ ọ́ di 50 000 lọ́la, nítorí pé bí ẹ ṣe ń ná ọjà pẹ̀lú oníbàárà ni àwọn náà ṣe ń ná yín.

Orí ẹrù ni n óò ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orí ọkùnrin náà. Ẹrù tí ó bá ti Yúróòpù wá máa ń ní nọ́ńbà tí ẹni tí ó ni ín lè fi tọpasẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ó gbé e, bí dúwáànù bá sì ní kí a san owó, ìwé ni wọ́n máa ń kọ, tí a ó sì gba rìsíìtì. Owó ìjọba kì í gba orí fóònù ẹnì kan kọjá. Ẹ rántí ìgbà tí ẹ ń fi 85 000 yẹn ránṣẹ́: kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ yín, MoMo fi orúkọ ẹni tí yóò gba owó hàn yín. Bí ó bá jẹ́ orúkọ ènìyàn lásán ni ẹ rí níbẹ̀, àpò ẹni náà ni owó yín wọ̀. Wọ́n fi èkíní dán yín wò ni, ìgbà tí ẹ sì san án ni wọ́n «rí» owó nínú ẹrù. Bí ẹ bá san èyí, wọn yóò tún ní ẹ pẹ́ kí ẹ tó san, kí ẹ wá san owó ìtanràn.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ọkùnrin náà. Bí oníbàárà kan bá wọ ìsọ̀ yín, tí kò fọwọ́ kan aṣọ, tí kò bèèrè iye, tí ó kàn ní òun yóò kó gbogbo rẹ̀, ẹ ó fura. Ìkánjú rẹ̀ nídìí: bí ẹnikẹ́ni bá fẹjọ́ rẹ̀ sùn, àwọn tó ni áàpù lè ti ojú-ewé rẹ̀ pa, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ tètè fà yín lọ sórí WhatsApp kí ó tó di pé wọ́n mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ lójú òkun náà kò ṣàdédé wá. Òun ni yóò fi ṣàlàyé ìdí tí kò fi lè wá, tí kámẹ́rà rẹ̀ kì í fi í ṣiṣẹ́, tí kò sì fi lè dé báńkì. Ológun tàbí dókítà tó wà lójú ogun, ọ̀kan náà ni.

Àwọn gáímáànù wọ̀nyí kì í kọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin kan ní Àjàṣẹ́ fi irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ hàn mí, ó gùn, ó sì dùn, àmọ́ ní àárín rẹ̀ ọkùnrin náà pè é ní orúkọ obìnrin mìíràn. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ kò tíì rí i, bẹ́ẹ̀ ó ti kà á tó ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbólóhùn kan nínú tiyín, kí ẹ wá a lórí Google, kí ẹ sì fi Google Lens wá àwòrán ọkùnrin náà. Bí ojú kan náà bá yọ pẹ̀lú orúkọ mìíràn, ọ̀rọ̀ parí. Bí kò bá yọ, kò tíì dá a láre, nítorí wọ́n máa ń gé àwòrán tàbí yí i padà. Ìpè olójú-kojú pàápàá kì í ṣe ẹ̀rí mọ́, torí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ gbé ojú ẹlòmíràn wọ̀.

Lónìí, kí ẹ tó dá a lóhùn, ẹ ya àwòrán gbogbo ìjíròrò yín, nọ́ńbà méjèèjì, àti àtẹ̀jíṣẹ́ MoMo tó ní nọ́ńbà ìfowóránṣẹ́ náà. Ìtìjú máa ń mú kí ènìyàn pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ fóònù yín lójú ẹsẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó tí wọ́n bá ti gbà jáde ṣòro láti rí padà, kí ẹ sì kó ẹ̀rí náà lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá Kétu, kí ẹ bèèrè CNIN ní Kútọnu, àwọn tí ń wádìí ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ayélujára. Ẹ má jẹ́ kí ọkùnrin náà mọ̀ pé ẹ ń lọ.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan pè yín láìpẹ́ pé òun lè gba 85 000 náà padà bí ẹ bá kọ́kọ́ san owó díẹ̀. Àwọn kan náà ni.