Èsì: Ṣé bátìrì fóònù mi ti ń kú ni?

“Mo ya àwòrán ojú ewé bátìrì lọ́jọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ẹtì, aago 7 àárọ̀ sí aago 1 ọ̀sán. Ó bọ́ láti 92 sí 56, 88 sí 46, 90 sí 36. Ojú fóònù tàn fún wákàtí 2, wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 20, àti wákàtí 3. Ṣé kí n pààrọ̀ bátìrì?”

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì náwó. Tí ẹ bá pín iye tó bọ́ lójoojúmọ́ sí wákàtí 6, ẹ ó rí 6%, 7% àti 9% ní wákàtí kọ̀ọ̀kan; ìyẹn ló ń dẹ́rù bà yín. Ẹ pín in sí àkókò tí ojú fóònù fi tàn: 18% ní wákàtí kọ̀ọ̀kan ni lọ́jọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìlò yín ló pọ̀ sí i.

Ọjọ́ mẹ́ta ò lè fi ìlera bátìrì hàn, torí díẹ̀díẹ̀ ló ń gbó. Ẹ tún un ṣe lóṣù mẹ́ta sí i, pẹ̀lú ìlò kan náà àti iná ojú fóònù kan náà. Tí 18 bá di 22, ẹ pín 18 sí 22: agbára rẹ̀ ti wá sí bíi 82% ti òní.

Ẹ yọ ọjọ́ tí ẹ bá ṣáájì láàárín, àti ọjọ́ tí ẹ bá wọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti rẹlẹ̀, fóònù a máa fi agbára púpọ̀ wá a. Àmọ́ tó bá ń já láti 30 sí 12 lójijì, bátìrì nìyẹn o.