Iná ẹ̀rọ amúlétutù ìnfátà tó ń ṣẹ́jú

Ìbéèrè: "Iná iwájú éésì ìnfátà wa ní Àgbádárìgì ń ṣẹ́jú, kò sì tutù mọ́. Kí ló ń sọ?"

Ìdáhùn: Ẹ ka iye ìgbà tó ṣẹ́jú kó tó sinmi, kí ẹ tún un kà kó dá yín lójú. Ẹ wo iná táímà náà, torí pé bó bá kú tàbí tó ń tàn, ìtumọ̀ máa ń yí padà. Ìwé tó bá ẹ̀rọ yín wá ni kí ẹ fi wé e. Lára ọ̀pọ̀ Midea, ẹ̀ẹ̀mejì pẹ̀lú táímà tó kú ni `E1`: ẹ̀rọ inú àti tìta ò gbọ́ra wọn. Létíkun yín, wáyà tí iyọ̀ ti jẹ lẹ́nu níta ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Ẹ pa bíréékà, kí ẹ pe oníṣẹ́. Kàpásítọ̀ ìta ṣì máa ń di iná mú lẹ́yìn tí ẹ bá pa á.