Èsì: Iye owó ọjà tí kò bára mu

«Ẹ̀gbọ́n, àǹkárá ni mo ń tà ní Lọ́ńdọ̀nù. Merchant Center, ibi tí Google ti ń gba ọjà àwọn oníṣòwò, kọ ọjà mi, ó ní iye owó ò bára mu. Kí ni kí n ṣe?»

Àbúrò, owó orí ọjà, ìyẹn VAT, ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ní Bìrìtéènì, VAT gbọ́dọ̀ wà nínú `price`, iye owó tó wà nínú fáìlì ọjà tí o ń fi ránṣẹ́ sí Google. Bí fáìlì rẹ bá ní `40.00 GBP`, tí oníbàárà wá rí 48 pọ́n-ùn lórí sáìtì, wọ́n á kọ̀ ọ́. Ṣí ọjà kan péré, kí o fi méjèèjì wéra. Bó bá jẹ́ pé o dín owó kù láàárọ̀, tí fáìlì ò sì lọ títí di alẹ́, ìyẹn náà á fà á. Tètè fi òmíràn ránṣẹ́.

Bí «a ó gbé e wá lọ́fẹ̀ẹ́» bá wà nínú àkọlé ọjà rẹ, yọ ọ́ kúrò, Google ò gbà á. Ohun tí ẹni tó ń wá aṣọ máa tẹ̀ ni kó ṣíwájú: `Ankara Maxi Dress, Blue, Size 14`. Lẹ́tà 150 ni àyè rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ ló sábà máa ń hàn.