Ọjọ́ Tó Dàrú Nínú Ìwé Ìtajà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Oúnjẹ ni mo ń tà l'Ọ́jà Ọba, Àkúrẹ́. Mo ní kí Excel to ìwé ìtajà mi ní ẹ̀ka-ẹ̀ka, kí ó sì to ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan bí ọjọ́ ṣe tẹ̀lé ara wọn. Lábẹ́ ìrẹsì, 02/05/2024 ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà 03/04/2024, lẹ́yìn náà 12/04/2024. 15/04/2024 wá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Bí ẹ ṣe tò ó kò ní àbùkù. Ọjọ́ tí ẹ tẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ṣì kà, torí ètò Amẹ́ríkà ló ń lò, oṣù ló sì ń ṣáájú níbẹ̀. Ẹ tẹ 02/05, ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún lẹ ní lọ́kàn, òun kà á sí ọjọ́ karùn-ún oṣù kejì. 03/04 di oṣù kẹta, 12/04 di oṣù kejìlá. Nígbà tó kan 15/04, kò sí oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún, ló bá fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán. Nọ́ńbà ni Excel sì máa ń kọ́kọ́ tò, ọ̀rọ̀ á wá kẹ́yìn.

Ẹ fẹ òpó ọjọ́ kí ẹ lè rí i: ọjọ́ gidi á lẹ̀ mọ́ ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀rọ̀ á lẹ̀ mọ́ òsì, àfi bí ẹnìkan bá ti fọwọ́ tì í síbòmíràn.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà. Bí ọjọ́ bá wà ní òpó B, ẹ tẹ èyí sí ìlà kejì òpó tó ṣófo, kí ẹ fà á dé ìsàlẹ̀:

```
=IF(ISNUMBER(B2),DATE(YEAR(B2),DAY(B2),MONTH(B2)),DATE(RIGHT(B2,4),MID(B2,4,2),LEFT(B2,2)))
```

Ó ń pààrọ̀ ọjọ́ àti oṣù tó ti yí padà, ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ di ọjọ́ gidi. Bí ẹ bá rí `#VALUE!`, ẹ wò ó bóyá 15/4 lẹ kọ dípò 15/04. Ẹ fi Copy ṣe ẹ̀dà èsì rẹ̀, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ padà sórí òpó B pẹ̀lú Paste Special, Values. Bí nọ́ńbà lásán bá jáde dípò ọjọ́, ẹ yan òpó B, kí ẹ fi Short Date sí i. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ ṣe é o. Ẹlẹ́ẹ̀kejì á tún dà á rú. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ yí Region inú kọ̀ǹpútà sí English (United Kingdom), kí ọjọ́ tuntun má baà bàjẹ́. Yíyí Region nìkan kò lè tún èyí tó ti bàjẹ́ ṣe.

Ó wá kan títò. Ẹ yan gbogbo òpó pátá, kí ẹ lọ sí Data, Sort. Ẹ fi ẹ̀ka sí Sort by, ẹ tẹ Add Level, ẹ fi ọjọ́ sí Then by, kí ẹ yan Oldest to Newest. Bí ẹ bá yan òpó ọjọ́ nìkan, tí Excel bá sì béèrè, ẹ má ṣe tẹ Continue with the current selection láé: ọjọ́ nìkan ni yóò ṣípò, owó ìrẹsì á sì bọ́ sí ọjọ́ tí ẹ kò tà á.

Subtotal ló ń ro owó ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan pọ̀, ìgbà tí ẹ bá tò ó tán ni kí ẹ lò ó. Bí “Ìrẹsì” àti “Iresi” bá jọ wà nínú ìwé yín, méjì ni yóò kà wọ́n sí, nítorí náà ẹ sọ wọ́n di ọ̀kan kí ẹ tó tò ó.