Epo Pupa Lára Aṣọ Funfun: Ẹ Gbé Bíliìṣì Sílẹ̀ Ná

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n alágbàfọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Epo ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ta sí àyà bùbá kọ́tìnì funfun ọkọ mi níbi ìnáwó kan ní Oǹdó níbí. Mo da bíliìṣì lé e lẹ́ẹ̀mejì, àmọ́ ó kàn di yẹ́lò ni, ojú ibẹ̀ sì ti ń fẹ́lẹ́. Bíliìṣì wo ló le jù tí mo lè rà ní Àkúrẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ má rà á, ìyàwó wa. Èyí tó bá tún le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ihò ló máa dá sí àyà bùbá náà, epo á sì wà létí ihò.

Ohun méjì ló wà nínú àbàwọ́n epo pupa: ọ̀rá, àti àwọ̀ tó yọ́ sínú ọ̀rá náà. Karotíìnì ni àwọ̀ yẹn ń jẹ́, irú rẹ̀ ló wà nínú kárọ́ọ̀tì. Omi ni wọ́n fi po bíliìṣì, epo kì í sì í gba omi wọlé. Tí ẹ bá dà á lé ibi tí ọ̀rá ṣì wà, díẹ̀ lára rẹ̀ ló máa kan àwọ̀, èyí tó kù á ṣàn lọ bá òwú tí epo ò bò. Òwú ló máa jẹ. Kì í sábà hàn lójú ẹsẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá fún aṣọ náà tàbí tí ẹ bá lọ̀ ọ́ ni ẹ ó rí i tó ya. Ibi tó ti fẹ́lẹ́ kò ní padà sípò, n ò ní tàn yín. Yẹ́lò yẹn ṣì lè lọ.

Ẹ fi omi lásán ṣan bíliìṣì kúrò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ sì sá aṣọ náà sí ibòòji kó gbẹ. Ẹ ká àkísà funfun sábẹ́ àbàwọ́n. Ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má tíì fi omi kàn án. Ṣíbí kékeré kan tó fún àbàwọ́n tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ìka ni kẹ́ ẹ fi rà á wọlé láti ẹ̀yìn aṣọ, ẹ má mú búrọ́ọ̀ṣì, pàápàá lórí èyí tó ti fẹ́lẹ́ yìí. Ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kó má gbẹ. Omi tó gbóná díẹ̀, tí ọwọ́ gbà, ni kẹ́ ẹ fi ṣàn án, torí omi tútù máa ń mú kí epo dì mọ́ òwú. Ó lè gbà tó ẹ̀ẹ̀mẹta.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ọ̀rá ti tán? Tí aṣọ bá gbẹ, ẹ kán omi kan sí ojú ibẹ̀. Tó bá mu ún kíá bí ibi tó mọ́ ṣe ń mu, ọ̀rá ti lọ. Tí ẹ̀kán omi bá jókòó síbẹ̀, ẹ padà sídìí ọṣẹ.

Yẹ́lò tó bá kù, oòrùn ló ń pa á. Ẹ sá aṣọ náà ní tútù, kí àbàwọ́n kọjú sóòrùn, kí ẹ máa wọ́n omi sí i tó bá fẹ́ gbẹ. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú dáadáa, wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lè tó. Nígbà òjò, ó lè di ọjọ́ kejì.

Kó tó mọ́, áyọ́ọ̀nù ò gbọdọ̀ kàn án. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní ṣebí a máa ń yọ́ epo lórí iná títí àwọ̀ rẹ̀ á fi ṣí ká tó fi se ayamáṣe. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ooru ìkòkò yẹn, àti bó ṣe ń pẹ́ tó, òwú ò lè gbà á. Aṣọ á ti jó. Kìkì ohun tí áyọ́ọ̀nù máa ṣe ni kó gan ọ̀rá mọ́ inú òwú.

Tí ọwọ́ yín bá ṣì ń yún yín fún bíliìṣì, ọ̀rá gbọ́dọ̀ ti tán ná, kó sì jẹ́ aṣọ mìíràn tí kò tíì fẹ́lẹ́: ṣíbí ìjẹun mẹ́rin nínú omi tútù lítà mẹ́rin, ìṣẹ́jú márùn-ún péré, kẹ́ ẹ sì ṣàn án dáadáa. Ẹ ka ara ike náà, torí wọn ò le bákan náà. Ẹ má fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, ẹ má sì da fínígà tàbí oògùn ìfọ-ṣáláńgá mọ́ ọn, bí ó ti wù kí aládùúgbò kọ́ yín tó. Èéfín tó máa jáde lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Kọ́tìnì funfun gidi ni mo ń sọ o. Léèsì tó ní náílọ́ọ̀nù nínú okùn rẹ̀, tàbí bùbá tó ní iṣẹ́ aláwọ̀ lọ́rùn, ẹ gbé e wá ká wò ó kẹ́ ẹ tó fi ohunkóhun kàn án.