Ohun tó yẹ kí ẹ wò lórí fọ́ọ̀mù àṣẹ ìsanwó kí ó tó dé báńkì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mí ní Ìbàdàn. Sitándíìn ọ́dà tàbí dáírẹ́ẹ̀tì dẹ́bíìtì ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa fi ń san owó tí wọ́n yá. Kí ni kí n máa wò lórí fọ́ọ̀mù wọn, kí n má baà gbé àṣìṣe lọ sí báńkì?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó ń pàṣẹ. Nínú sitándíìn ọ́dà, ọmọ ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ló ní kí báńkì òun máa fi iye kan ránṣẹ́ ní ọjọ́ kan pàtó. Nítorí náà, nọ́ńbà àkáǹtì ẹgbẹ́ yín ni àṣìṣe inú rẹ̀ léwu jù, torí pé owó lè bọ́ sọ́wọ́ àjèjì nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ gbà pé òun ti san. Nínú dáírẹ́ẹ̀tì dẹ́bíìtì, ẹgbẹ́ yín ló ń béèrè owó lọ́wọ́ báńkì ọmọ ẹgbẹ́, pẹ̀lú àṣẹ tí ó fọwọ́ sí. Níbẹ̀, nọ́ńbà tirẹ̀ ni ẹ ó tẹjú mọ́, kí ẹ má baà yọ owó ẹni tí kò jẹ yín ní kọ́bọ̀.

Ẹ má ṣe yẹ iye owó àti iye ìgbà wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ fi iye ìgbà tí owó yóò jáde sọ iye ẹ̀ẹ̀kan di púpọ̀, kí ẹ wò ó bóyá ó bá gbèsè mu. Ká ní ọmọ ẹgbẹ́ kan jẹ ₦240,000 pẹ̀lú èlé, tí yóò sì máa san ₦20,000 lóṣooṣù. Ó kọ ọ́ pé òun bẹ̀rẹ̀ ní 28 Oṣù Kìíní 2025, òun yóò sì parí ní 28 Oṣù Kìíní 2026. Lójú ẹni tó bá ń kánjú, ọdún kan péré nìyẹn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ìka kà á, owó yóò jáde nígbà 13, yóò sì di ₦260,000. Ọjọ́ tó yẹ kí ó parí ni 28 Oṣù Kejìlá 2025. Bákan náà ni “ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin” kì í ṣe “oṣooṣù”: nígbà 13 ni yóò jáde lọ́dún, ọjọ́ rẹ̀ á sì máa ṣáájú ọjọ́ owó oṣù díẹ̀díẹ̀. Bí iye tí a fi nọ́ńbà kọ bá yàtọ̀ sí èyí tí a fi ọ̀rọ̀ kọ, ẹ má ṣe méfò. Ẹ dá fọ́ọ̀mù padà fún oní-nǹkan, kí ó tún un kọ, kí ó sì fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àtúnṣe náà.

Nọ́ńbà àkáǹtì ló gba sùúrù jù. Nínú ìlànà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé jáde ní 2010, òǹkà mẹ́wàá ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní, èyí tó kẹ́yìn sì ni ẹ̀rí fún àwọn mẹ́sàn-án yòókù. Ẹ mú àpẹẹrẹ 0000014579 ní báńkì tí kóòdù rẹ̀ jẹ́ 011. Ẹ kọ kóòdù náà ṣáájú òǹkà mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, kí ẹ pín wọn ní mẹ́ta mẹ́ta: 011 000 001 457. Nínú ìpín kọ̀ọ̀kan, ẹ fi 3, 7 àti 3 sọ wọ́n di púpọ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, kí ẹ sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó jẹ́ 81. Ẹ yọ 1 tó gbẹ̀yìn rẹ̀ kúrò nínú 10, ó ku 9, òun náà sì ni òǹkà tó kẹ́yìn nọ́ńbà wa. (Bí ó bá jẹ́ 10 ló kù, 0 ni ẹ ó kọ.) Bí akọ̀wé bá ṣi 4 àti 5 gbé, tó kọ 0000015479, ìṣirò yóò mú 3 wá, àṣìṣe á sì hàn.

Àmọ́ ẹ má fi gbogbo ọkàn tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá jẹ́ 1 àti 4 ni ó gba ipò ara wọn, tí nọ́ńbà di 0000041579, àpapọ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ 81, nítorí pé 3 ló kan àwọn méjèèjì, báńkì kò sì ní rí ohun tó burú níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ orúkọ. Ẹ tẹ nọ́ńbà náà sí ojú ìwé ìfowóránṣẹ́ lórí fóònù, kí ẹ yan báńkì, kí ẹ ka orúkọ tó bá jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ sì jáde láìfi owó ránṣẹ́. Bí orúkọ bá yàtọ̀ díẹ̀, bóyá torí pé obìnrin náà ti ń jẹ́ orúkọ ọkọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Nígbà tí owó àkọ́kọ́ bá wọlé, ẹ fi ìwé àkọsílẹ̀ àkáǹtì ẹgbẹ́ wé fọ́ọ̀mù náà lọ́jọ́ yẹn gan-an: orúkọ, iye àti ọjọ́. Bí ẹ bá rí ìyàtọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n fagi lé àṣẹ àtijọ́ ní báńkì kí ẹ tó mú tuntun lọ, kí méjèèjì má baà jọ máa yọ owó.