Ayé Minecraft Wa Ti Gbó, Ẹni Tuntun Kì Í Dúró

*Ẹ̀gbọ́n, ó ti tó ọdún mẹ́fà tí èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi ti ní sáfà Minecraft. Ẹni tuntun ń wọlé lóòótọ́, àmọ́ lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́ wọn kì í padà wá. Àwọn kan ní ká pa ayé náà rẹ́, ká bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ṣé ká ṣe bẹ́ẹ̀?*

Ẹ má tíì pa á rẹ́. Àwọn àgbà sáfà yín mọ eré yìí ju ẹni tuntun lọ. Kí oṣù tó parí, wọ́n á ti tún gba gbogbo ilẹ̀ tó dáa, iṣẹ́ ọdún mẹ́fà á sì ti ṣòfò.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń sá ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Nínú fódà `logs`, ìlà `joined the game` àti `left the game` wà fún gbogbo ẹni tó bá wọlé tó sì jáde, pẹ̀lú aago. Ẹ mú àwọn 20 tó dé kẹ́yìn, kí ẹ wo bí ọjọ́ àkọ́kọ́ wọn ṣe lọ. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú 15 sí 20 lọ̀pọ̀ wọn lò, tí wọ́n kú lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ilẹ̀ ló lé wọn. Bó bá jẹ́ wákàtí méjì-mẹ́ta ni wọ́n lò, ẹ yáa wo àwọn èèyàn yín.

Bí ilẹ̀ ṣe ń lé èèyàn rèé. Ká ní ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbà bẹ̀rẹ̀ ní búlọ́ọ̀kù 3000 sí ibi tí ẹni tuntun ti ń jáde sáyé. Ẹni tó ń rìn kì í ju búlọ́ọ̀kù 4.3 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà ìrìn yẹn á gbà tó ìṣẹ́jú 12. Ojúmọmọ inú Minecraft ò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 lọ. Ilẹ̀ á ṣú bá a lọ́nà, igi tí ì bá gé ti tán tipẹ́, sọ́ḿbì á pa á, á sì tún jí síbi tó ti bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Ta ni kò ní pa kọ̀ǹpútà rẹ̀? (Lórí sáfà 2b2t, tó ti wà láti 2010 tí wọn ò pa ayé rẹ̀ rẹ́ rí, ìyà yẹn gan-an làwọn èèyàn ń wá lọ síbẹ̀. Sáfà tiyín kọ́ nìyẹn.)

Ohun tí mo máa ṣe ni pé màá sún ààlà ayé síwájú. Bí ààlà yín bá wà ní 10000, ibi tó jìnnà jù sí àárín lápá kọ̀ọ̀kan jẹ́ 5000. Bí ẹ bá sọ ọ́ di 16000, ó di 8000, ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ kankan ò tíì tẹ̀ sì wà yí ayé àtijọ́ ká. Ẹ wá fi àṣẹ kejì yìí sínú command block tó ní bọ́tìnì, níbi tí ẹni tuntun ti ń jáde:

```
/worldborder set 16000
/spreadplayers 6500 0 100 600 false @p
```

Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ á bọ́ sórí ilẹ̀ tuntun lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ fún un ní búrẹ́dì àti bẹ́ẹ̀dì kan. Bó bá ti tẹ bẹ́ẹ̀dì yẹn nígbà tó débẹ̀, ibẹ̀ lá máa jí sí bó bá kú. Ẹ ṣòfin pé àgbà sáfà kankan ò gbọdọ̀ gbalẹ̀ níbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á ti dé kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú.

Àmọ́ ẹ má fún un ní ìhámọ́ra dáyámọ́ńdì. Àwọn àgbà fẹ́ràn kí wọ́n máa da irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún àlejò, inú rere ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti bá a ṣe eré náà tán nìyẹn.

Ní ti àwọn èèyàn, ìjà ìre oko ló wọ́pọ̀ jù. Ebi ń pa ẹni tuntun, ó rí àlìkámà, ó ká a láìtún gbìn ín, wọ́n bá ń pariwo olè lé e lórí lójú gbogbo èèyàn. Bí ẹ bá ní CoreProtect, ìyẹn plọ́gíìnì tó ń kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe sílẹ̀, ẹ tẹ `/co inspect`, kẹ́ ẹ fọwọ́ kan ibi tó bà jẹ́, á sọ ẹni tó ṣe é àti ìgbà tó ṣe é. Lẹ́yìn náà ẹ dá a padà:

```
/co rollback u:orukọ t:2h r:20
```

Ẹ tún nǹkan ṣe kẹ́ ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, torí bí oko bá ti padà sípò, ìbínú olóko á rọlẹ̀. Kẹ́ ẹ bá ẹni tuntun náà sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Ẹni tó ká ìre oko kan tó sì lọ kọ́ ahéré ò mọ̀ ni. Ẹni tó ń fọ́ ògiri láti ilé dé ilé láìmú nǹkan kan, ẹ lé e jáde lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ káwọn àgbà náà rí nǹkan jẹ nídìí àlejò. Nínú Final Fantasy XIV, bí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ bá ń wọ ibi ìjà kan fún ìgbà àkọ́kọ́, gbogbo wọn ló ń gba èrè lé èrè, inú àgbà a sì máa dùn pé àlejò wà láàárín wọn. Lọ́dọ̀ yín, ẹ lè fún àgbà tó mú ẹni tuntun sọ́dọ̀ ní ilẹ̀ kún ilẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹni tuntun náà bá lo wákàtí 10 ni kẹ́ ẹ tó san án. Bó bá jẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ ń san án, wọ́n á máa fi orúkọ míì wọlé bí ẹni tuntun kí wọ́n lè gba ilẹ̀ yẹn.